Pòtétò tó ní àwọ̀ ewé, tó tún ta eéhù gígùn: ṣé ó ṣì ṣeé jẹ?

AlásèÀgbọwọ́
Ẹ kú ojúmọ́, ẹ̀yin ará ilé. Mo ń dín pòtétò àti ẹyin tà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Àgbọwọ́. Mo ra ààbọ̀ àpò pòtétò Áíríìṣì ní Bódìjà. Nígbà tí mo tú u sílẹ̀, mo rí i pé àwọn kan ní àwọ̀ ewé lára, àwọn kan sì ti ta eéhù tó gùn ju ìka mi lọ. Ṣé kí n bó o kí n dín in, àbí kí n dà á nù? Owó gidi ni mo fi rà á o.

ÌyáÌbejìMọ́níyà
Ọmọ mi, má da oúnjẹ nù láìnídìí. Láti kékeré ni mo ti ń rí i tí ànàmọ́ ń hù. Ìyá mi a já eéhù rẹ̀ sọnù, a sè é, a jẹ ẹ́ pẹ̀lú epo àti ata, kò sì sẹ́ni tí inú run. Ewé rẹ̀ pàápàá, àwọn kan ń sè é bí ẹ̀fọ́. Ohun tó hù kò tíì kú. Já eéhù yẹn, kí o máa bá iṣẹ́ rẹ lọ.

DídínLóDùn
Ìyá mi, ẹ ṣeun mà. Èmi náà ń dín nǹkan tà, ní Mọ́kọ́lá. Ohun tí mo mọ̀ ni pé òróró gbígbóná kì í fi májèlé kankan sílẹ̀. Bí o bá sè é, ó lè ṣẹ́ kù sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí òróró bá ti hó dáadáa, tí o dín in títí ó fi pọ́n, ó tán nìyẹn. Má bẹ̀rù.

OmiTútù_Ojòó
Ẹ jẹ́ ká rántí pé àwọ̀ ewé tó wà lára rẹ̀ yẹn, ohun kan náà ló wà nínú ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ẹ̀fọ́ ṣọkọ tí a ń jẹ lójoojúmọ́. Oòrùn ló pa á láwọ̀ dà. Àwọ̀ yẹn fúnra rẹ̀ kì í pa èèyàn. Mo rò pé àwọn èèyàn kàn ń bẹ̀rù àwọ̀ lásán ni.

ÀǹtíOlùkọ́_ÒkèÀdó
Ẹ kú ìjókòó o, gbogbo ilé. Mo kọ́ àwọn ọmọ nípa ìmọ̀ oúnjẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ yìí sì ká mi lára, nítorí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń bọ́ ọmọ ọlọ́mọ ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ìyá wa lóhùn. Òótọ́ ni ohun tí ẹ sọ nípa ànàmọ́, mà. Ṣùgbọ́n ànàmọ́ àti Áíríìṣì kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Áíríìṣì, tòmátò, ata, ikàn àti tábà ló jọ jẹ́ ẹbí. Ewé Áíríìṣì kò ṣeé jẹ rárá, eéhù rẹ̀ náà kò ṣeé jẹ. Nítorí náà, ohun tí ànàmọ́ bá gbà, Áíríìṣì lè má gbà á.

Ẹni tó sọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ẹ gba ìdajì rẹ̀. Àwọ̀ ewé yẹn kì í ṣe májèlé lóòótọ́. Májèlé inú pòtétò kò ní àwọ̀ rárá. Orúkọ méjì tó tóbi jù nínú rẹ̀ ni sólánínì àti ṣákónínì, òun ni pòtétò fi ń gbèjà ara rẹ̀ lọ́wọ́ kòkòrò. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di méjì ni pé ìmọ́lẹ̀ tó ń pa èèpo láwọ̀ dà náà ló ń ti pòtétò láti pèsè májèlé yẹn sí i. Méjèèjì ń jáde pọ̀ lábẹ́ èèpo. Bí o bá rí àwọ̀, o ti rí ẹlẹ́rìí. Ẹlẹ́rìí yẹn kò sì sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán, torí pòtétò tó já bọ́ látorí ọkọ̀ tó sì lù, tàbí èyí tí ọkọ́ gún nígbà tí wọ́n ń wà á, tàbí èyí tó hù gan-an nínú òkùnkùn, lè ní í lára láìní àwọ̀ ewé kankan.

Inú èèpo àti abẹ́ rẹ̀ ló pọ̀ sí jù, àti yí ojú pòtétò ká, ibi tí eéhù ti ń jáde. Èyí tó wà nínú eéhù fúnra rẹ̀ pọ̀ ju ti gbogbo ibi tó kù lọ. Inú ẹran pòtétò funfun ló kéré sí jù. Ìdí nìyẹn tí ọ̀bẹ fi lè gba àwọn kan là, tí àwọn kan kò sì ní ìgbàlà.

Ní ti òróró gbígbóná, mo máa padà wá sórí ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó béèrè sọ fún wa ná: ṣé pòtétò náà le, àbí ó ti rọ̀ tó sì ti hun jọ?

AlásèÀgbọwọ́
Ẹ ṣé gan-an, mà. Èyí tó pọ̀ jù ló le koko. Àwọn tí eéhù wọn gùn ló rọ̀ díẹ̀, bí mo bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó máa ń wọlé. Àwọ̀ ewé àwọn mìíràn kò ju bí owó ẹyọ lọ, àwọn kan sì dá aṣọ ewé bora fún odindi ẹ̀gbẹ́ kan.

ÀǹtíOlùkọ́_ÒkèÀdó
Ó dáa. Bí a ó ṣe ṣe é nìyí.

Èyí tó le, tí eéhù rẹ̀ kò ju bí èékánná lọ, tí kò sì ní àwọ̀ ewé: fi ṣóńṣó ọ̀bẹ wa eéhù náà jáde pẹ̀lú ojú rẹ̀. Má kàn fọwọ́ já a. Nígbà tí o bá fọwọ́ já a, orí rẹ̀ ló jáde, gbòǹgbò rẹ̀ ṣì wà nínú ihò kékeré yẹn. Wa ihò náà bí ìgbà tí o ń yọ ojú ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Lẹ́yìn náà bó gbogbo èèpo rẹ̀ kúrò, ó ṣeé jẹ.

Èyí tí àwọ̀ ewé rẹ̀ kéré, tó wà lójú kan, tí ara rẹ̀ sì le: bó èèpo, kí o gé ibi tó ní àwọ̀ náà, kí o sì jẹ́ kí ọ̀bẹ wọ inú ẹran funfun dáadáa, kí ó ju bí èèpo ṣe nípọn lọ ní ìlọ́po mélòó kan. Lẹ́yìn gígé, wo ojú ibi tí o gé sí lójú ọ̀sán, má wò ó lábẹ́ gílóòbù. Bí o bá rí i pé ìlà ewé tín-ín-rín ṣì wà nínú ẹran rẹ̀, tún gé. Bí o bá gé e lẹ́ẹ̀mejì tí ó ṣì ń tẹ̀ lé ọ, jù ú nù.

Èyí tí àwọ̀ ewé bo ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí tó rọ̀, tó hun jọ, tí eéhù rẹ̀ gùn: dà á nù. Pòtétò tó ti fi omi àti ara rẹ̀ bọ́ eéhù, kò sí ohun tí ọ̀bẹ lè ṣe sí i tí a ó fi mọ̀ pé ó dáa.

Ní báyìí, òróró. Ẹni tó ń dín ní Mọ́kọ́lá, kì í ṣe pé o purọ́. Iná máa ń dín in kù. Ní 2020, àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù kó iṣẹ́ àwọn onímọ̀ jọ: bíbó èèpo lè mú 25 sí 75 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò, sísè nínú omi lè mú 5 sí 65 kúrò, dídín nínú òróró lè mú 20 sí 90 kúrò. Wo 20 sí 90 yẹn. Ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀ èwo ni tirẹ̀ lónìí. Òróró alásè kan náà lè dín díẹ̀ kù lónìí, kí ó dín èyí tó pọ̀ kù lọ́la. Ẹni tó ń ta oúnjẹ kò lè fi ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ gbẹ́kẹ̀ lé 90 yẹn.

DídínLóDùn
Mà, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n mo ṣì rò pé bí òróró bá gbóná gan-an, kò yẹ kó máa jẹ́ 20. Àwọn òyìnbó yẹn lè ti lo òróró tí kò gbóná.

ÀǹtíOlùkọ́_ÒkèÀdó
Ó ṣeé ṣe kí iná díẹ̀ wà nínú ìyàtọ̀ náà. Ṣùgbọ́n májèlé yìí kì í tètè bàjẹ́ bí kòkòrò àrùn ṣe máa ń kú. Ó ń fara da gbígbóná tó ju ti omi híhó lọ dáadáa. Ní 1979, àwọn dókítà tẹ ìròyìn kan jáde nípa àwọn ọmọkùnrin ilé-ìwé kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Lẹ́yìn tí wọ́n jẹ oúnjẹ ọ̀sán, ọmọ 78 dùbúlẹ̀ àìsàn, wọ́n sì gbé 17 lọ sí ilé-ìwòsàn. Pòtétò tí wọ́n jẹ, ó ti wà nílẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti parí sáà ìṣáájú. Wọ́n sè é, ó jinná dáadáa. Gbogbo wọn ni ara wọn padà yá, ṣùgbọ́n wo iye ọmọ tó jẹ́.

AlájàpáṢáṣá
Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Èmi ni mo ń tà á. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi ń rí. Ọkọ̀ tó ń kó pòtétò wá láti Jọ́ọ̀sì, láti Bokkos àti Mangu lọ́hùn-ún, ó dé pẹ̀lú àpò tí a rán lẹ́nu. Bí a bá tú àpò náà lọ́jọ́ tó dé, inú rẹ̀ funfun, ara rẹ̀ mọ́. Ìgbà tí a bá dà á sórí tàpólì, tí oòrùn ń pa á, tí kò sì tètè tà, ni òkè òkìtì yẹn máa ń di ewé. Bí o bá yí òkìtì náà, ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Nítorí náà, oníbàárà, bí o bá dé ọ̀dọ̀ wa, sọ pé kí wọ́n wọ̀n ọ́n fún ọ láti inú àpò, má mú òkè òkìtì. Fi àtàǹpàkò nu iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára rẹ̀, nítorí iyẹ̀pẹ̀ ń bo àwọ̀ ewé mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá sì ń bínú pé o ń nu pòtétò, kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Mo ti ní kí àwọn ọmọ mi máa fi àpò ìdọ̀họ bo òkìtì wa láti ìgbà tí mo ti rí i pé kò ní í tà lọ́jọ́ kan náà. Àwọn kan ní kí n má bò ó, wọ́n ní oníbàárà kò ní í rí ohun tó ń rà.

BàbáEwúrẹ́_Ọlọ́dó
Ẹ kú àsìkò. Tèmi ni pé kí ló dé tí ẹ ń da nǹkan nù? Ẹ fún ewúrẹ́ jẹ. Ní ọjà, wọ́n ń da àwọn tó ti hù fún wa láìgba owó. Ewúrẹ́ mi ń jẹ ẹ́.

ẸnikẹẹniNíDùgbẹ̀
Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ mi kan ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi àti ìyàwó mi jẹ àsáró pòtétò lálẹ́. Nígbà tó di òru, ó bẹ̀rẹ̀ sí bì, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí yàgbẹ́ gbuuru títí ilẹ̀ fi mọ́. Pòtétò náà ní àwọ̀ ewé díẹ̀, a kàn bó èèpo rẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n mi sáré gbé epo pupa wá fún ìyàwó mi, ó mu ún, ó tún bì í. Ara wa ti yá báyìí. Ṣé pòtétò ni?

Nọ́ọ̀sìYemẹ́tù
Ẹ kú ewu o, ọ̀gá. Ẹ má bínú, n kò lè sọ fún yín láti ibi tí mo wà pé pòtétò ni. Ó jọ ọ́, torí inú rírun, èébì, ìgbẹ́ gbuuru àti orí fífọ́ ni pòtétò tó ní májèlé ń fa, ó sì lè tó wákàtí mélòó kan lẹ́yìn oúnjẹ kó tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn mìíràn kò rí nǹkan kan títí di wákàtí mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹja tí kò jinná, omi tí kò mọ́, oúnjẹ tó pẹ́ nílẹ̀, gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ fún mi: ṣé àsáró yẹn korò lẹ́nu? Ṣé ẹja wà nínú rẹ̀?

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó wà níbí gbọ́ ni ọ̀rọ̀ epo pupa yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún ẹni tó jẹ májèlé ní epo pupa. Kì í mú májèlé kúrò nínú, ẹni tó ń bì lè fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró, kó wá di àìsàn mìíràn lórí èyí tó wà nílẹ̀. Ẹ má sì fi ìka sí ẹnikẹ́ni lọ́fun kó bì. Kò sí oògùn kan pàtó tó ń pa oró pòtétò. Omi ara tó ń lọ ni a ń dá padà. Ẹ po oògùn oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn sínú iye omi tí wọ́n kọ sára rẹ̀, kí ẹ máa fún un ní díẹ̀díẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọmọdé, tàbí aláboyún, tàbí ẹni tí kò lè pa omi mọ́ nínú, tàbí tí ó ń sùn lọ tí kò mọ ibi tó wà mọ́, ẹ gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ mú ìyókù oúnjẹ náà lọ́wọ́, kí ẹ má fọ ìkòkò.

ẸnikẹẹniNíDùgbẹ̀
Ẹ ṣé gan-an, nọ́ọ̀sì. Ó korò díẹ̀, mo rò pé ata ló ṣe é. Ẹja gbígbẹ wà nínú rẹ̀.

Nọ́ọ̀sìYemẹ́tù
Ẹ̀yin náà ti rí i pé ọ̀rọ̀ náà wọnú ara wọn. Ẹja náà wà níbẹ̀, ìkorò náà wà níbẹ̀. N kò ní í dá ẹ̀bi lé ọ̀kan lórí. Ẹ má sè ìyókù pòtétò yẹn.

AlásèÀgbọwọ́
Ẹ̀yin àǹtí, ẹ jọ̀ọ́: ọmọ kékeré ni àwọn kan tí ìyá wọn máa ń rà fún. Báwo ni èyí tó ń ṣe ọmọdé àti èyí tó ń ṣe àgbà ṣe yàtọ̀ síra? Ata tí mo máa ń bù sí i náà, ṣé kò ní í jẹ́ ká mọ̀ pé ó korò?

ÀǹtíOlùkọ́_ÒkèÀdó
Ìbéèrè tó dáa nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pọ̀, kí ẹ lè rí i.

Àwọn onímọ̀ Yúróòpù yẹn sọ pé ibi tí wọ́n ti rí i pé èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí ṣàìsàn, ó tó mílígíráàmù kan fún kílò kọ̀ọ̀kan ara rẹ̀. Àgbà tó wọn kílò 60 nílò mílígíráàmù 60. Ọmọdé tó wọn kílò 15 kò nílò ju 15 lọ. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ fi ń sọ pé pòtétò kò gbọdọ̀ kọjá rẹ̀ ni mílígíráàmù 200 nínú kílò kan pòtétò tútù. Tó bá jẹ́ pé pòtétò tó wà lọ́wọ́ rẹ dé orí ìwọ̀n yẹn, àgbà yóò jẹ gíráàmù 300, ìyẹn bí pòtétò mẹ́ta tó mọ níwọ̀n, kí ó tó dé ibẹ̀. Ọmọ kékeré náà yóò dé ibẹ̀ pẹ̀lú gíráàmù 75, ìyẹn pòtétò kékeré kan ṣoṣo. Pòtétò tó dáa kì í sábàá dé 100, bí a bá sì bó o, ó tún kéré sí i, nítorí náà a ń jẹ ẹ́ láìbẹ̀rù. Èyí tó di ewé tàbí tó hù pátápátá lè kọjá 200 fíofío. Ìdí tí mo fi ń sọ pé kí a má fún ọmọdé ní èyí tí a gbà là nìyẹn. Ọ̀tọ̀ ni kí o gba àwọn tó wà láàrin là fún ara rẹ, ọ̀tọ̀ ni kí o tà á fún ìyá ọlọ́mọ.

Ní ti ata: gẹ́gẹ́ bí o ṣe sọ, ó ń bo ìkorò. Torí náà tọ́ ọ wò kí ata àti iyọ̀ tó wọ ibẹ̀. Dín ẹyọ kan, tàbí sè é, bù ú jẹ díẹ̀, kí o má tíì gbé e mì. Bí ó bá korò, tàbí tí ahọ́n rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í jó ọ díẹ̀díẹ̀, tú u jáde, kí o sì da gbogbo èyí tó jọ ọ́ nù. Bí o kò bá rí ìkorò, ìyẹn kò fi hàn pé ó mọ́ pátápátá. Ojú àti ọwọ́ ni kí ó kọ́kọ́ ṣe ìdájọ́, kí ahọ́n tó ṣe tirẹ̀.

AlásèÀgbọwọ́
Ẹ ṣé, mà. Mo ti tò ó. Mo tẹ́ àpò sílẹ̀ níwájú ilé, mo fọ gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí iyẹ̀pẹ̀ kúrò, mo sì fi ìwọ̀n mi wọ̀n ọ́n. Bí kílò 20 ni. Kílò 13 ló mọ́, ó le. Kílò 4 wà láàrin, àwọ̀ ewé kékeré tàbí eéhù kúkúrú. Kílò 3 ló rọ̀ tó tún hù gan-an, mo ti yà á sọ́tọ̀.

Àwọn kílò 4 yẹn, mo bó o, mo wa ojú wọn jáde, mo gé wọn. Àwọn mìíràn dáa, ibi tí mo gé sí funfun. Ṣùgbọ́n mo rí àwọn kan tí ìlà ewé náà rìn wọ inú bí òwú ẹyọ kan, kò sì kúrò nígbà tí mo tún gé. Mo ti ju ìyẹn nù. Ohun tó kù nínú kílò 4 kò ju kílò 2 àti ààbọ̀ lọ. N kò ní í tà á, ilé ni mo máa jẹ ẹ́. Kílò 13 náà ni mo fẹ́ tà. Mà, ṣé kí n fi omi rẹ ẹ́ mọ́jú, kí ohun tó kù jáde?

ÀǹtíOlùkọ́_ÒkèÀdó
O ṣe é bó ṣe yẹ. Rírẹ mọ́jú yóò yọ díẹ̀ ṣùgbọ́n kò lè wẹ èyí tó burú mọ́, má gbẹ́kẹ̀ lé e. Bí o bá ti gé e tẹ́ẹ́rẹ́ fún dídín, omi tútù fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ó lè yọ èròjà ìyẹ̀fun tó ń mú un lẹ̀ mọ́ra, ó tó. Omi náà dà á nù.

Kílò 13 náà, ẹ má gbé e sínú fíríìjì nítorí pé ẹ fẹ́ kó má hù. Òtútù ń sọ ìyẹ̀fun inú rẹ̀ di ṣúgà, bí o bá wá dín in, ó máa dúdú, ó máa jó kí inú tó jinná, èròjà mìíràn tí kò dáa sì ń pọ̀ sí i nínú rẹ̀. Fi sínú àpò ìdọ̀họ tàbí apẹ̀rẹ̀, síbi tó ṣókùnkùn, tí atẹ́gùn ń fẹ́. Má so ó mọ́ inú ọ̀rá, yóò làágùn, yóò sì jẹrà. Iná mànàmáná náà ń sọ ọ́ di ewé, kì í ṣe oòrùn nìkan, nítorí náà bí ibi tí o ń kó o sí ní gílóòbù tó ń tàn mọ́jú, bò ó. Ìbàdàn gbóná, kò ní í pẹ́ kó tó hù. Rà ìwọ̀n tí o máa tà láàrin ọjọ́ díẹ̀.

ÌyáÌbejìMọ́níyà
Ẹ ṣeun, olùkọ́. Ó ti yé mi pé Áíríìṣì ni wọ́n ń sọ. Àwọn kílò 3 tó hù yẹn, ṣé kí n gbà á kí n gbìn ín? Ilẹ̀ mi kan wà lẹ́yìnkùlé.

AlájàpáṢáṣá
Ìyá mi, àwọn ìbátan mi tí wọ́n ń gbìn ín lórí òkè lọ́hùn-ún sọ pé òtútù òru ló ń mú un ta. Ẹ lè gbìn ín, yóò rú ewé dáadáa. Ní Ìbàdàn, òru wa gbóná jù, isu rẹ̀ kò ní í pọ̀, bó bá tiẹ̀ ta rárá. Ẹ má sì sè ewé rẹ̀ o.

BàbáEwúrẹ́_Ọlọ́dó
Ó dáa, ẹ kó o wá fún mi.

ÀǹtíOlùkọ́_ÒkèÀdó
Rárá, bàbá. Májèlé náà kò mọ̀ pé ewúrẹ́ ni. Ẹran ọ̀sìn tó bá jẹ eéhù àti ewé rẹ̀ púpọ̀ lè ṣàìsàn, ó sì lè kú. Wà ihò, kí ẹ bò ó mọ́lẹ̀ níbi tí ẹran kò ti lè wà á jáde.

BàbáEwúrẹ́_Ọlọ́dó
Mo ń bọ̀wọ̀ fún yín, mà, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ mi ti ń jẹ ẹ́ tipẹ́, kò sí èyí tó kú.

ÀǹtíOlùkọ́_ÒkèÀdó
Kí ni wọ́n ń jẹ pẹ̀lú rẹ̀, bàbá? Bí ó bá jẹ́ díẹ̀ láàrin èèpo gbágùúdá àti koríko, ó lè má hàn. Bí ó bá jẹ́ òun nìkan ni wọ́n ń jẹ, odindi apẹ̀rẹ̀ kan ní ọjọ́ kan, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. Ẹ sọ iye tí wọ́n ń jẹ.

BàbáEwúrẹ́_Ọlọ́dó
N kò wọ̀n ọ́n rí. Mo kàn ń dà á sílẹ̀ ni.

DídínLóDùn
AlásèÀgbọwọ́, èmi náà máa yẹ tèmi wò lálẹ́ yìí. Ẹ bá mi bi alájàpá: iye wo ni ẹ ń ta àpò tó bá jẹ́ pé kí a yàn án ni?

AlájàpáṢáṣá
Yíyàn gbówó lórí ju àìyàn lọ, mi ò ní í tàn yín. Ẹ tètè wá lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá dé, kí ẹ sì mú àpò tí ẹ ó fi bò ó dání. Ní ti èyí tí ẹ bá tò nù, ẹ mú un padà wá lọ́jọ́ kejì kí èmi fúnra mi rí i. Ẹni tó bá jẹ́ oníbàárà mi, mo máa ń dín díẹ̀ kù fún un lórí àpò tó kàn. N kò mọ̀ nípa àwọn alátakò mi.